Owó Tó Ní Iṣẹ́, Iṣẹ́ Tó Ní Owó

     

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹgbẹ́ tó ń kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ fà mọ́ rédíò yín. Owó tí a ń pè ní gíráǹtì ni mò ń wí. Owó tí a kì í san padà, ṣùgbọ́n tí a gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ padà.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ kọ ìwé àbá yín tán, tí ẹ kọ àfojúsùn sí iwájú, tí ẹ kọ ètò ìnáwó sí ẹ̀yìn, ta ló bá yín wò ó bóyá iwájú àti ẹ̀yìn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà? Ṣé ẹnì kan wò ó? Àbí ẹ kàn ṣírò owó, ó pé, ẹ sì fi ránṣẹ́?

Owó lè pé kí ọ̀rọ̀ má dọ́gba. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣubú. Nítorí náà, gbólóhùn kan ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu mi títí a ó fi parí: gbogbo owó ló gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní owó. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ. Gbogbo owó ló gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní owó.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń sọ. Ìwé àbá ní apá mẹ́ta tó kan ọ̀rọ̀ wa lónìí. Àkọ́kọ́ ni àfojúsùn: ohun tí ẹ ṣèlérí pé ẹ ó ṣe. Èkejì ni tábìlì ètò ìnáwó: orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ rà tàbí ẹni tí ẹ fẹ́ sanwó fún, àti iye rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àlàyé ìnáwó: ibi tí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé owó kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀, àti ìdí tí ẹ fi nílò rẹ̀. Apá kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kù gìrì kọ ní alẹ́ ọjọ́ tí ìwé yóò wọlé. Òun náà sì ni ẹni tó ń yẹ ìwé wò máa ń tẹ́jú mọ́. Ẹni yẹn kò mọ̀ yín. Kò dé Kàbà rí. Àlàyé yẹn nìkan ló ní lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ẹ ti ro iṣẹ́ náà dópin.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ọ̀pọ̀ yín rántí ètò ìdàgbàsókè ìlú àti àwùjọ tí wọ́n ń pè ní CSDP. Báńkì Àgbáyé ló fowó ràn án lọ́wọ́, ọdún 2009 ló sì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú ètò yẹn, ará ìlú fúnra wọn ló ń jókòó kọ ohun tí wọ́n nílò, yálà kànga ni, tàbí kíláàsì, tàbí ilé ìwòsàn kékeré. Ìlú sì gbọ́dọ̀ mú ìpín tiwọn wá, ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá bá wọn kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe kí a kàn dárúkọ owó. A gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí owó kọ̀ọ̀kan wá ṣe.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan ká yẹ̀ ẹ́ wò pa pọ̀. Àpẹẹrẹ ni o. Èmi ni mo to ó jọ fún ètò wa lónìí, kò sí ẹgbẹ́ kan tí mo ń fi bú. Ṣùgbọ́n irú àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ wọ́pọ̀ bí iyanrìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń ṣe gàrí ní ìtòsí Kàbà níbí fẹ́ béèrè owó ìrànwọ́. Àfojúsùn mẹ́ta ni wọ́n kọ. Ìkíní: àwọn yóò kọ́ obìnrin 40 bí a ṣe ń ṣe gàrí tó mọ́ tónítóní, tó gbẹ dáadáa, tí kò ní tètè bàjẹ́. Ìkejì: àwọn yóò ra ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá àti ẹ̀rọ tó ń fún un, àwọn yóò sì kọ́ ibùdó tí wọn yóò gbé wọn sí, kí iṣẹ́ lè yá. Ìkẹta: àwọn yóò máa di gàrí sínú àpò tó ní orúkọ ẹgbẹ́, àwọn yóò sì máa tà á fún àwọn oníṣòwò ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n wá fi ìlérí kan kún un pé, tó bá di oṣù kẹfà lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn yóò lọ bá obìnrin kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá owó tó ń wọlé fún un ti lé sí i. Oṣù 9 ni wọ́n kọ pé gbogbo iṣẹ́ yóò gbà.

Àfojúsùn yẹn dára, àbí kò dára? Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá wo owó.

Ìrìn àkọ́kọ́ ni láti ibi owó lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ tẹ ìwé náà sórí bébà. Ẹ má fi ojú wò ó lórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ fún àfojúsùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Ìlérí tó wà lẹ́yìn náà, ẹ pè é ní ìkẹrin. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò pupa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó àkọ́kọ́ nínú àlàyé ìnáwó. Ẹ kà á sókè. Ẹ bi í pé: ìwọ owó yìí, iṣẹ́ wo lo wá ṣe? Bí ẹ bá rí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fa òdo yí i ká.

Àwọn obìnrin wa bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá: àfojúsùn ìkejì. Ó ti rí iṣẹ́. Owó páànù àti bíríkì fún ibùdó: ìkejì náà ni. Owó olùkọ́ tí yóò wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́: ìkíní ni. Ó ń lọ geerege.

Wọ́n dé orí oúnjẹ. Ohun tó wà nínú àlàyé ni pé: "Oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, náírà 270,000. Oúnjẹ ṣe pàtàkì nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́." Gbólóhùn yẹn kò parọ́. Ṣùgbọ́n kí ló sọ fún wa? Kò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Nínú tábìlì, wọ́n kọ ọ́ pé náírà 1,500 ni oúnjẹ ẹnì kan lójúmọ́, ọjọ́ 3 sì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Náírà 4,500 nìyẹn fún ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí a bá pín náírà 270,000 sọ́nà 4,500, kí la ó rí? Ènìyàn 60.

Ènìyàn 60 ńkọ́? Obìnrin 40 ni wọ́n kọ sínú àfojúsùn! Àwọn 20 tó kù ta ni wọ́n? Ibo ni wọ́n ti wá jẹun?

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹni tó ń yẹ ìwé wò ń ṣe ìṣirò yẹn. Kì í pẹ́ ẹ. Bó bá sì ti rí ènìyàn 20 tó ń jẹun láìkọ́ iṣẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyókù. Kò ní rò pé ẹ ṣàṣìṣe. Yóò rò pé ẹ fẹ́ fi owó pamọ́ síbẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ sì wá rọrùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ jókòó, ènìyàn 60 ni wọ́n fẹ́ kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rò ó pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò lè tó ènìyàn 60 lò, wọ́n sì dín in sí 40. Akọ̀wé tún àfojúsùn kọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún akápò. Ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: nínú ìwé àbá, nọ́ńbà kan kì í dá gbé. Bí ẹ bá yí iye ènìyàn padà ní iwájú, ẹ ti yí oúnjẹ padà, ẹ ti yí ìwé kíkà padà, ẹ ti yí owó ọkọ̀ padà, ẹ ti yí àga tí ẹ ó háyà padà. Ẹ gbọ́dọ̀ wá gbogbo wọn rí.

Báwo ni àwọn obìnrin wa ṣe tún un kọ? Wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Oúnjẹ ọ̀sán fún obìnrin 40, fún ọjọ́ 3 ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ní náírà 1,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 180,000. Àwọn tó ń bọ̀ láti abúlé yóò wà ní ibùdó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àfojúsùn ìkíní ló wà fún." Ẹ rí i pé ẹni tó kà á kò ní ìbéèrè mọ́. Ó rí iye ènìyàn, ó rí iye ọjọ́, ó rí iye owó, ó rí iṣẹ́ tí owó náà wá ṣe. Náírà 90,000 sì ti bọ́ sílẹ̀. A óò padà wá mú un.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, okun o. Ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ la ń yẹ̀ wò. À ń wò ó bóyá àlàyé ìnáwó bá àfojúsùn mu. Gbogbo owó ló gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní owó.

Àwọn obìnrin wa tẹ̀síwájú. Wọ́n bá alùpùpù kan pàdé. Náírà 1,100,000. Àlàyé rẹ̀ ni pé: "Fún ìrọ̀rùn iṣẹ́." Wọ́n wo àfojúsùn ìkíní, kò sí alùpùpù níbẹ̀. Wọ́n wo ìkejì, kò sí. Ìkẹta, ọkọ̀ ńlá ló ń kó àpò gàrí lọ sí Lọ́kọ́jà, kì í ṣe alùpùpù. Ìkẹrin nìkan ló kù, ìyẹn ìbẹ̀wò sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin náà, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọn yóò ṣe é. Ṣé nítorí ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan la ó ṣe ra alùpùpù? Ọ̀kadà tí a san owó rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ti tó o.

Mi ò ní kí ẹ má ra alùpùpù láé. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ pé ẹnì kan yóò máa lọ láti abúlé dé abúlé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ẹni tí yóò gùn ún, ẹ sọ ibi tí yóò máa lọ, ẹ sọ iye ìgbà. Nígbà náà, alùpùpù ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n "fún ìrọ̀rùn iṣẹ́" kì í ṣe ìdí. Ó lè dúró fún ohunkóhun, nítorí náà kò dúró fún nǹkan kan. Bí ẹ bá rí gbólóhùn inú àlàyé yín tí ẹ lè gbé sábẹ́ owó mìíràn kó sì tún bá a mu, ẹ mọ̀ pé gbólóhùn yẹn kò tíì ṣiṣẹ́.

Ibo ni alùpùpù yìí ti wá gan-an? Inú ìwé àtijọ́ ni. Wọ́n gba ìwé tí ẹgbẹ́ mìíràn ti kọ nígbà kan rí, wọ́n fi ṣe àwòkọ, wọ́n yí orúkọ padà, alùpùpù ẹlòmíràn sì bá wọn wọlé. Ìyẹn náà wọ́pọ̀.

Wọ́n yọ alùpùpù kúrò. Náírà 1,100,000 bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi kún 90,000 ti àkọ́kọ́. Ó di náírà 1,190,000.

Ẹ wá gbọ́ èyí o. Àwọn owó kan wà tí kò ní bá àfojúsùn kan ṣoṣo lọ. Owó báńkì, owó ẹni tí yóò yẹ ìwé ìṣirò wò, owó iná ọ́fíìsì. Gbogbo iṣẹ́ ló ń jẹ nínú wọn. Ẹ má ṣe fi tipátipá lẹ̀ wọ́n mọ́ àfojúsùn kan. Owó ìṣàkóso ni wọ́n, àwọn tó ń fúnni lówó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn wo òfin ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí. Ìṣọ̀kan Yúróòpù sábà máa ń gbà kó tó ìdá 7 nínú 100 owó iṣẹ́ gan-an. Nínú òfin owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí kò bá ìjọba wọn ṣàdéhùn iye tirẹ̀ lè lo ìdá 10 tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé e sókè sí ìdá 15 láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Àwọn mìíràn kì í san kọ́bọ̀ fún un. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹ má fi owó kan náà sí ojú méjì. Bí iná ọ́fíìsì bá ti wà nínú owó ìṣàkóso, kò gbọ́dọ̀ tún dá dúró níbòmíràn.

Ó yá, ìrìn kejì. Láti ibi iṣẹ́ padà sí ibi owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ìrìn àkọ́kọ́, wọ́n á sì rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o. Ìrìn àkọ́kọ́ ń fi owó tí kò ní iṣẹ́ hàn wá. Ìrìn kejì ló ń fi iṣẹ́ tí kò ní owó hàn. Ìkejì yìí ló sì burú jù, nítorí pé owó tí kò ní iṣẹ́ hàn gbangba lójú bébà, ṣùgbọ́n owó tí kò sí, ojú kì í rí i.

Ẹ fi ọwọ́ lé àfojúsùn ìkíní. Ẹ bi í pé: ìwọ iṣẹ́ yìí, owó wo ló wà fún ọ? Ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ kọ nọ́ńbà ìkíní sí pẹ̀lú bírò pupa. Olùkọ́ wà, oúnjẹ wà, ìwé wà. Ó dáa. Ìkejì: ẹ̀rọ wà, ibùdó wà. Àmọ́ ẹ dúró ná. Ẹ̀rọ yẹn ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Dísẹ́ẹ̀lì dà? Ta ni yóò gbé ẹ̀rọ láti ibi tí wọ́n ti rà á, ta ni yóò fi símẹ́ńtì dè é mọ́lẹ̀? Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọn kò ra iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Wọ́n dé orí ìkẹta. Dídi gàrí sínú àpò tó ní orúkọ ẹgbẹ́, títà á ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n wá nọ́ńbà ìkẹta káàkiri bébà náà. Kò sí níbì kan. Kò sí ẹyọ kan! Àfojúsùn odindi, kò ní kọ́bọ̀. Kò sí owó àpò. Kò sí owó ọkọ̀ Lọ́kọ́jà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oúnjẹ tí a bá ti dì, tí a lẹ orúkọ mọ́, tí a fẹ́ tà fáráyé, àjọ NAFDAC gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí owó ìyẹn náà. Ìkẹrin, ìbẹ̀wò oṣù kẹfà, kò ní kọ́bọ̀ pẹ̀lú.

Kí ló fà á? Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí a lè fọwọ́ kàn ló máa ń rọrùn láti kọ owó rẹ̀. Ẹ̀rọ, páànù, ìrẹsì. A ó béèrè iye rẹ̀ lọ́jà, a ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wíwá oníbàárà, ṣíṣe ìbẹ̀wò, wíwọn àbájáde, wọn kò sí ní ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. A máa ń gbàgbé wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ tí kò ní owó farapamọ́ sí nínú ìwé yín, ẹ kọ́kọ́ lọ wo àfojúsùn tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ ti kọ "yóò pọ̀ sí i" tàbí "yóò dín kù". Ẹni tó bá sọ pé owó yóò pọ̀ sí i gbọ́dọ̀ mọ iye tó jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó tún mọ iye tó jẹ́ lẹ́yìn náà. Ìbẹ̀wò méjì nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìbẹ̀wò méjèèjì ń jẹ owó.

Nígbà tí iṣẹ́ kò bá ní owó, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè wá owó fún un nínú èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ yín ni yóò gbé e. Tàbí kí ẹ yọ iṣẹ́ náà kúrò nínú àfojúsùn, kí ẹ má ṣèlérí ohun tí ẹ kò ní ṣe. Ọ̀nà kẹrin, ìyẹn kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ máa retí pé ẹnikẹ́ni kò ní rí i, kì í ṣe ọ̀nà.

Àwọn obìnrin wa lo méjì. Ẹ rántí náírà 1,190,000 tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n pín in sí àpò àti orúkọ ara rẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC, ọkọ̀ Lọ́kọ́jà, dísẹ́ẹ̀lì oṣù àkọ́kọ́, àti ìbẹ̀wò méjèèjì. Owó tí wọ́n ń béèrè kò lé ní kọ́bọ̀ kan. Gbígbé ẹ̀rọ wá àti dídè é mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ ló gbà á. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú àlàyé: iye ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò ṣiṣẹ́, iye ọjọ́, àti iye tí wọ́n ń san fún lébìrà lójúmọ́ ní Kàbà. Ìpín tiyín náà gbọ́dọ̀ ní àlàyé bí owó ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ má kàn kọ pé "ìlú yóò ṣe ìrànlọ́wọ́".

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ ò pẹ́ jù. Ìrìn méjì la ti rìn lórí ìwé àbá kan. Láti ibi owó lọ sí ibi iṣẹ́. Láti ibi iṣẹ́ padà sí ibi owó. Gbogbo owó ló gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní owó.

Ó ku ohun kan, ìyẹn àkókò. Nínú àlàyé ìnáwó àwọn obìnrin wa, wọ́n kọ owó alábòójútó iṣẹ́ fún oṣù 12. Ṣùgbọ́n oṣù 9 ni iṣẹ́ yóò gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí èyí yóò ní kí wọ́n gé owó alábòójútó sí oṣù 9 kíá. Ẹ má yára gé e. Nígbà tí nǹkan méjì bá takora, a kò tíì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè.

Ẹ jẹ́ ká ka oṣù. Ẹ̀rọ yóò dé ní oṣù kẹrin. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò wáyé ní oṣù karùn-ún, nítorí orí ẹ̀rọ ni wọn yóò ti kọ́ṣẹ́. Ìbẹ̀wò yóò wáyé ní oṣù kẹfà lẹ́yìn ìyẹn. Oṣù wo ló bọ́ sí? Oṣù kọkànlá. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí ní oṣù kẹsàn-án ní ìlérí tó bọ́ sí oṣù kọkànlá! Nítorí náà, owó alábòójútó ló ń sọ òótọ́. Oṣù 9 tó wà ní iwájú ìwé ni kò tọ́. Wọ́n wo ìkéde àwọn tó ń fúnni lówó, wọ́n rí i pé wọ́n gba iṣẹ́ tó tó oṣù 12. Wọ́n tún iwájú kọ, wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ká ní oṣù 9 ni wọ́n gbà mọ, wọn ì bá dín owó alábòójútó kù, wọn ì bá sì sún ìbẹ̀wò súnmọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé ẹ rí i? Bírò pupa kì í ṣe àáké. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó máa ń jẹ̀bi. Nígbà mìíràn, àfojúsùn ló yẹ ká tún ṣe.

Nígbà tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán, ìdánwò kan ṣoṣo ló kù. Ẹ wá ẹnì kan tí kò bá yín jókòó kọ ìwé náà. Tíṣà lè jẹ́, tàbí àbúrò yín tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ fi àfojúsùn pamọ́ fún un. Àlàyé ìnáwó nìkan ni kí ẹ gbé fún un. Ẹ ní kó kà á, kó wá sọ fún yín ohun tí ẹgbẹ́ yìí fẹ́ ṣe. Bó bá sọ pé: "Wọ́n fẹ́ kọ́ obìnrin 40, wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ gàrí, wọ́n fẹ́ máa tà á ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó wọn lé sí i," ẹ ti yege. Bó bá sọ pé: "Ó jọ pé wọ́n fẹ́ ra alùpùpù," ẹ padà sídìí ìwé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí iṣẹ́ yìí mọ. Ìrìn méjèèjì kò lè sọ fún yín bóyá iye owó ẹ̀rọ tọ̀nà. Ìyẹn, ẹ ó lọ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, lọ́dọ̀ ju ẹnì kan lọ. Ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà. Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀ gan-an, iye owó ọdún tó kọjá kì í ṣe iye owó ọdún yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ bóyá àfojúsùn yín bọ́gbọ́n mu. Ìwé lè dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn kí iṣẹ́ inú rẹ̀ má wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí ìlérí yín àti owó yín sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò parí lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Ohun tí ẹ kọ sínú àlàyé ìnáwó di àdéhùn. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fúnni lówó, ẹ kò lè kàn mú owó alùpùpù lọ fi ra dísẹ́ẹ̀lì láìgba àṣẹ. Ẹgbẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìkọ owó rẹ̀ yóò débi iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ wọn yóò ṣófo, ìjábọ̀ sì ń bọ̀. Ibi tí ìtìjú ti ń bá olóòótọ́ ènìyàn nìyẹn. Kò jalè o. Kò kàn ka ìwé rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin akápò, bí ẹ bá ní ìwé tó yẹ kó wọlé lóṣù yìí, ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ jókòó pọ̀ sídìí tábìlì kan. Kí akápò ka owó, kí akọ̀wé dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí akọ̀wé ka iṣẹ́, kí akápò fi owó rẹ̀ hàn. Níbi tí ẹnì kan nínú yín bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.

Gbogbo owó ló gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní owó.

Ibi tí a ó ti dúró nìyí lọ́sẹ̀ yìí. Bí ìbéèrè bá wà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ wa, a ó mú un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.